#CAC kó àwọn oníṣòwò wá bá wa: ẹ sọ bí ẹ ṣe ń pín háṣítáàgì fídíò ìjọ yín

Oníkámẹ́rà Iléṣà

Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń bá ìjọ ya fídíò. CAC ni wá, Iléṣà la wà, èmi ni mo sì ń gé àwọn fídíò kéékèèké tí à ń gbé sórí YouTube. Bàbá wa máa ń fi Yorùbá tí gbogbo ayé gbọ́ wàásù, ṣùgbọ́n tí inú wọn bá ti dùn tán, Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n máa ń bọ́ sí. Ibẹ̀ gan-an ni mo máa ń gé.

Mo gbé ọ̀kan síta, àdúrà òwúrọ̀ tí kò tó ìṣẹ́jú kan. Ohun tí mo kọ sábẹ́ rẹ̀ rèé:

```
#CAC #Jesus #Gospel #Shorts #Viral
```

Àwọn tó rí i pọ̀ ju ti ìgbàkigbà lọ. Àmọ́ nígbà tí mo ṣí Studio, Nàìjíríà kọ́ ló ṣáájú nínú àwọn orílẹ̀-èdè. Púpọ̀ nínú àwọn tó dé ibẹ̀ ló fi ìka tì í kọjá. Nínú kọ́mẹ́ǹtì, ẹnì kan béèrè iye tí wọ́n ń gbà láti forúkọ òwò sílẹ̀, ẹlòmíràn sì dá a lóhùn! Ṣé ẹ rí i, #CAC yẹn, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ náà ń jẹ́ ẹ. Àwọn ìyá ìjọ wa tí mo torí wọn gé fídíò náà ò rí i rárá.

Báwo lẹ̀yin ṣe ń ṣe é? Èyí tó kárí ayé, èyí tó jẹ́ ti ìjọ, èyí tó jẹ́ ti èdè àti ìlú wa, èwo ni kó pọ̀ jù?

Ọmọ Mọ̀dákẹ́kẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kó gbogbo wọn síbẹ̀ ni. Èmi máa ń tò ó tó ogójì. Bí àwọ̀n bá ṣe fẹ̀ tó lẹja á ṣe pọ̀ tó. Ẹ má sì yọ #Shorts kúrò o, torí láìsí i YouTube ò ní mọ irú fídíò tó jẹ́. Ohun tó dá mi lójú ni pé èdè wa ń ṣiṣẹ́. Látìgbà tí mo ti ń fi #IwaasuYoruba kún un ni àwọn ará wa tó wà ní Ìlú Ọba ti ń kọ nǹkan sábẹ́ fídíò wa, wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Olóòtú Lágere

Àbúrò, ti èdè tí o sọ yẹn, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Àwọ̀n rẹ ló fẹ̀ jù. Bí háṣítáàgì bá ti ju 60 lọ lórí fídíò kan, YouTube ò ní ka ẹyọ kan ṣoṣo sí nínú wọn. Ogójì ò tíì débẹ̀, ṣùgbọ́n nínú gbogbo èyí tó wà nínú àlàyé, mẹ́ta péré ló lè gbé wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọlé. Mẹ́tàdínlógójì yòókù kàn wà nísàlẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ń kà wọ́n ni. Ní ti #Shorts, fídíò tó bá dúró lóòró, tàbí tí igun rẹ̀ dọ́gba, tí kò sì ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, YouTube á kà á sí Short fúnra rẹ̀. Láti 15 Oṣù Kẹwàá 2024 ni wọ́n ti sún un dé ìṣẹ́jú mẹ́ta. Àyè tí o fún #Shorts, ìlú rẹ ì bá ti gbà á.

Oníkámẹ́rà, bí mo ṣe ń ṣe tèmi nìyí. Kí n tó lo háṣítáàgì kankan, mo máa ń tẹ̀ ẹ́, tí mo bá sì ráyè, mo máa ń gba fóònù ẹlòmíràn fi tẹ̀ ẹ́, torí tèmi ti mọ ohun tí mo fẹ́ràn. Mo máa ń wo fídíò bíi ogún tó bá kọ́kọ́ yọ. Ta ló gbé e síbẹ̀? Èdè wo ni wọ́n ń sọ? Ṣé àná ni wọ́n gbé gbogbo wọn síta, àbí ọ̀kan wà níbẹ̀ láti ọdún tó kọjá? Tẹ #Jesus, gbogbo èdè ayé ni wàá bá níbẹ̀, tìrẹ ò sì ní hàn. Tẹ #CAC, ìwé ìforúkọsílẹ̀ òwò ló máa kún iwájú rẹ. Àmọ́ kọ ọ́ tán pátápátá, #ChristApostolicChurch, ilé ara rẹ lo wà yẹn.

Ibi tí mo wá dúró sí ni pé, nínú mẹ́ta tí mo ń lò, èyí tó fẹ̀ jù kì í fẹ̀ kọjá èdè tí wọ́n ń sọ nínú fídíò. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, bó fẹ́ràn Jésù bó kò fẹ́ràn rẹ̀, á ti Ìjẹ̀ṣà kọjá láìdúró. YouTube ń wo àwọn tó dúró àtàwọn tó tì í kọjá, òun náà ni wọ́n ń kọ sí `Viewed vs. swiped away` ní Studio. Mi ò sọ pé háṣítáàgì nìkan ló gbé fídíò rẹ lọ bá àwọn àjèjì. Ohun tí mò ń sọ ni pé kò sídìí tá a fi máa fọwọ́ ara wa pè wọ́n. Fún àdúrà òwúrọ̀ rẹ, èmi ì bá kọ ọ́ báyìí:

```
Adura owuro ni ede Ijesa
#AduraOwuro #ChristApostolicChurch #Ilesa
```

Màmá Akọrin

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, tiwa ni wọ́n pa ohùn rẹ̀. Orin ìyìn tá a kọ lọ́jọ́ ìkórè, a gbé e síta, kò dún mọ́. Ṣé torí a ò fi àmì yẹn sí i ni?

Olóòtú Lágere

Rárá, Mà. Ti orin nìyẹn, kò kan háṣítáàgì. Bí orin tí ẹlòmíràn ti gbà sílẹ̀ bá ń dún lábẹ́ ohùn yín, ẹni tó ni orin náà lè ní kí wọ́n pa ohùn rẹ̀. Ẹ ṣí fídíò náà ní Studio, níbi tí wọ́n ti kọ `Restrictions` ni ẹ ó ti rí ìdí rẹ̀.

Alàgbà Òkè-Oòyè

Mo kí gbogbo yín lórúkọ Jésù. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kí ló dé tí orúkọ ìjọ fi wá di ìkejì? Iléṣà níbí ni Ọlọ́run ti lo Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní 1930, ní Òkè-Oòyè, tí ogunlọ́gọ̀ ń wọ́ wá láti ibi gbogbo. Bí mo bá ní agbára, orúkọ wọn á wà lórí gbogbo fídíò wa, kódà èyí tó jẹ́ ìkéde ìpàdé obìnrin.

Olóòtú Lágere

Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ẹni tó bá tẹ orúkọ ìránṣẹ́ Ọlọ́run yẹn, ìtàn ìsọjí ló ń wá. Tó bá wá bá ìkéde ìpàdé, á jáde ni. Àmọ́ fídíò tó bá dá lórí Òkè-Oòyè fúnra rẹ̀, lóṣù keje tí wọ́n máa ń rántí 1930, ẹ fi síwájú pátápátá, kí ẹ sì kọ Òkè-Oòyè tẹ̀ lé e. Háṣítáàgì tó bá fídíò mu kò ní àléébù.

Alàgbà Òkè-Oòyè

Mo gbọ́. Síbẹ̀, mo rò pé ẹni tí kì í ṣe CAC gbọ́dọ̀ mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé CAC ló ń gbọ́. Kò yẹ kí a máa fara pamọ́.

Aṣọ́ Fídíò Ìrèmọ

Bàbá, níjọ tiwa, àǹgílíkà ni wá, òdì kejì ohun tẹ́ ẹ sọ la rí. Bí a bá fi #Anglican ṣáájú, àwọn ará òkè òkun ló ń kọ̀wé. Bí a bá sì fi ti ìlú ṣáájú, ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Ní Ifẹ̀ níbí, #Ife nìkan ò ṣeé lò: orúkọ ọmọ, orin olólùfẹ́ àti ìwàásù ìfẹ́ Ọlọ́run ló kún ibẹ̀, torí àmì ohùn ò sí níbẹ̀. A bọ́ sí #IleIfe. Ibẹ̀ la wá bá Ọọ̀ni, Ọlọ́jọ́ àti Mọrèmi. Ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ wa ní kò yẹ kí ìwàásù dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọdún Ọlọ́jọ́. Ẹlòmíràn ní àwọn tó ń wo Ọlọ́jọ́ náà ni ará ilé, àwọn gan-an ni ká bá sọ̀rọ̀. A ò tíì parí ẹ̀ títí dòní. Lọ́wọ́lọ́wọ́, a máa ń lò ó, àfi lọ́sẹ̀ Ọlọ́jọ́.

Ọmọ Mọ̀dákẹ́kẹ́

Àǹtí Lágere, mo ti gbọ́ ti ogójì yẹn o. Ṣé kí n máa fi àmì sí Yorùbá inú háṣítáàgì? Ojú máa ń tì mí láti kọ Adura láìní àmì.

Olóòtú Lágere

Àkọlé tó wà lórí àwòrán ni kó o ti kọ ọ́ dáadáa, kí ẹni tó ń kà á rí Yorùbá tó pé. Inú háṣítáàgì, bí àwọn èèyàn ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù ni mo ń tẹ̀ lé. Àwọn lẹ́tà bíi ẹ́ ní ìṣòro tiwọn. Kò sí bí fóònù ṣe lè kọ ọ́ bíi lẹ́tà kan ṣoṣo. Kíbọ́ọ̀dù kan á kọ ẹ kó tó fi ohùn lé e lórí, òmíràn á kọ é kó tó fi àmì sísàlẹ̀. Lójú wa, ọ̀kan náà ni. Lójú ẹ̀rọ, ó lè di méjì. Bó o bá ṣáà fẹ́ lò ó, gbé fídíò náà síta, kó o wo ibi tí àwọ̀ búlúù parí sí. Tí búlúù bá dúró láàárín ọ̀rọ̀, ó ti já nìyẹn.

Aṣọ́ Fídíò Ìrèmọ

Èmi ò fara mọ́ èyí. Bí gbogbo wa bá ń kọ ọ́ láìní àmì, ta ló máa wá kọ ọ́ dáadáa? Tiwa ní àmì, a ò sì yí i padà.

Oníkámẹ́rà Iléṣà

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti gbìyànjú ti Àǹtí Lágere. Mo gé àdúrà méjì tó gùn bákan náà nínú ìsìn kan náà, mo gbé wọn síta ní aago kan náà, ọ̀kan lọ́jọ́ Ajé, ọ̀kan lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e. Ti àtijọ́ ni mo fi sábẹ́ ọ̀kan, mẹ́ta yẹn ni mo fi sábẹ́ èkejì. Èkejì ò ní òǹwòran tó ti àkọ́kọ́, mi ò ní purọ́. Àmọ́ Nàìjíríà ló ṣáájú, àwọn tó dúró wò ó sì pọ̀ ju àwọn tó tì í kọjá lọ. Níbi tí Studio ti ń kọ ohun tí àwọn èèyàn tẹ̀ kí wọ́n tó rí wa, mo rí "adura owuro ijesa". Ìlà `Hashtag pages` fúnra rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ní nǹkan nínú. Ó jọ pé àkọlé ló ṣiṣẹ́ jù.

Olóòtú Lágere

Bó ṣe máa ń rí níbí náà nìyẹn. Fídíò méjì péré ò tó láti fi dájọ́ ṣá o, tẹ̀ síwájú díẹ̀ sí i. Ṣé Ilesa lo kọ àbí Ilesha?

Oníkámẹ́rà Iléṣà

Ilesa ni mo fi sí háṣítáàgì, mo wá kọ Ilesha sínú gbólóhùn àlàyé. Ọ̀pọ̀ àwọn àgbà wa ṣì ń fi h kọ ọ́.

Alàgbà Òkè-Oòyè

Èmi náà ń fi h kọ ọ́. Ọmọ mi, nígbà tí oṣù keje bá dé, ta ni màá fi fídíò Òkè-Oòyè ránṣẹ́ sí? Mo ní àwọn àwòrán àtijọ́ kan.