Wẹ́ẹ̀bùsáìtì àdìrẹ mi kì í jáde lórí Google, kí ni kí n ṣe?

Aláṣọ Ìtòkú
Ẹ kú ọjà o, ẹ̀yin ará. Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta níbí. Ọmọkùnrin kan bá mi ṣe wẹ́ẹ̀bùsáìtì, iṣẹ́ rẹ̀ sì dùn ún wò. Bí mo bá tẹ orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi sí Google, ó ń jáde. Ṣùgbọ́n bí mo bá tẹ "adire abeokuta", mo lè wò ó dé ojú-ewé kẹta, n kò ní rí ara mi. Àwọn tó ń rà lọ́pọ̀ láti Èkó àti Ìbàdàn ni mo fẹ́ kí wọ́n rí mi. Ẹnì kan ní kí n san ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta náírà, òun á bá mi wá líǹkì 500 láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ṣé kí n san án?

Ọmọ Aké
Ẹ má tíì sanwó fún ẹnikẹ́ni, Mà. Kíwọ́ọ̀dù ló kù. Ẹ ní kí ọmọ yẹn kọ "adire abeokuta" káàkiri ojú-ewé yín, bí ìgbà 40, kó kó o sínú meta keywords, ìyẹn ìlà kíwọ́ọ̀dù inú kóòdù tí òǹwòran kì í rí, kó sì fi sí táítù.

Bọ̀dá Kóòdù
Ti táítù yẹn, o gbà á. Ìyókù, rárá. Láti 2009 ni Google ti kéde pé àwọn kì í lo meta keywords láti fi pinnu ẹni tó máa wà níwájú. Ọ̀rọ̀ kan náà nígbà 40 lójú-ewé kan, pàǹtírí ni wọ́n ń kà á sí.

Mà, bí orúkọ ṣọ́ọ̀bù yín bá ń jáde, Google ti mọ̀ pé ẹ wà. Ohun tí kò mọ̀ ni ohun tí ẹ ń tà. Ẹ kọ́kọ́ tẹ `site:` sí Google, kí ẹ lẹ àdírẹ́sì yín mọ́ ọn láìfi àlàfo sí i. Àwọn ojú-ewé yín tí Google ti mọ̀ ni yóò jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí wẹ́ẹ̀bùsáìtì náà lórí fóònù, kí ẹ tẹ ìka mọ́ orúkọ aṣọ kan bí ẹni tó fẹ́ kọ́pì ọ̀rọ̀. Ṣé ó mú un?

Aláṣọ Ìtòkú
Kò mú un. Inú fọ́tò ni orúkọ aṣọ àti iye rẹ̀ wà, bí fláyà tí mò ń gbé sí WhatsApp. Ojú-ewé kan ṣoṣo ló jáde, "Home" ni wọ́n sì kọ sórí rẹ̀.

Bọ̀dá Kóòdù
Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Nígbà míì Google lè rí ọ̀rọ̀ tó wà nínú fọ́tò, ṣùgbọ́n kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé. Ojú-ewé tó ń jẹ́ "Home", tó sì kún fún fọ́tò, kò sọ fún un pé ẹlẹ́kọ ni tàbí oníko, kò sọ pé yáàdì 5 ni, kò sọ pé ẹ ń tà fún àwọn tó ń rà lọ tún tà. Ẹ fún ẹlẹ́kọ ní ojú-ewé tirẹ̀, kí oníko ní tirẹ̀, kí títà lọ́pọ̀ náà ní tirẹ̀. Táítù ti títà lọ́pọ̀ lè rí báyìí:

```html
<title>Adire Fabric Wholesale in Itoku, Abeokuta</title>
```

Kí ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ dáhùn ohun tí oníbàárà máa ń bi yín ní ìsọ̀: yáàdì mélòó ló kéré jù tí ẹ lè tà, ṣé aró rẹ̀ máa ń ṣí, báwo lẹ ṣe ń fi ránṣẹ́ sí Èkó. Kí ẹ kọ iye rẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọlọ́jà kì í fẹ́ kọ iye.

Ìyá Onílé-Ìtura, Ìbarà
Èmi ò ní wẹ́ẹ̀bùsáìtì kankan, ilé ìtura mi ló sì ń jáde lókè pátápátá. Google Business Profile ni mo ṣí, ọ̀fẹ́ ni. Kí lẹ ń da ara yín láàmú fún?

Bọ̀dá Kóòdù
Ìyá mi, máàpù lẹ ti ń jáde yẹn. Ẹni tó dúró sí Ìbarà tó ń wá ibi tí yóò sùn, ó súnmọ́ yín, máàpù sì ń wo bí èèyàn ṣe súnmọ́ ibi tó ń wá. Kí Màmá alájàpá àdìrẹ yìí ṣí tirẹ̀ náà, ó dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sí Èkó tó tẹ "adire wholesale" láìdárúkọ Abẹ́òkúta, ó ṣeé ṣe kí máàpù kó ti Èkó jáde fún un. Ojú-ewé tí mo sọ yẹn ni yóò bá a sọ̀rọ̀.

Ayàwòrán
Mo ṣí wẹ́ẹ̀bùsáìtì yín, Mà. Fọ́tò kọ̀ọ̀kan tó mẹ́gábáìtì 4. Dátà mi sunkún! Ẹ ní kó dín fífẹ̀ wọn kù sí píkísẹ́lì 1200, kó tọ́jú wọn bíi WebP, irú fáìlì fọ́tò tí kì í wúwo. Ọ̀pọ̀ wọn kò ní ju kilobáìtì 200 lọ. Kí aṣọ má bàa pàdánù ìrísí rẹ̀, kó jẹ́ pé ẹni tó bá tẹ fọ́tò ni ńlá yóò ṣí fún.

Ọmọ Aké
Mo mọ̀! Pé ó ń fà ni kò jẹ́ kó jáde.

Bọ̀dá Kóòdù
Ó wà lára rẹ̀, kì í ṣe òun ló le jù. Ẹ gbé àdírẹ́sì náà sí PageSpeed Insights, irinṣẹ́ Google tó ń wọn bí ojú-ewé ṣe ń yára sí, kí ẹ wo ti fóònù, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ LCP sí. Ìgbà tí ohun tó tóbi jù lójú-ewé yọ síta ni ó ń wọ̀n. Bí kò bá ju ìṣẹ́jú-àáyá 2.5 lọ, ó dára. Àṣìṣe kan tí mo máa ń rí ni pé wọ́n á fi `loading="lazy"`, tó ń dá fọ́tò dúró títí èèyàn yóò fi sún mọ́ ibi tó wà, sí gbogbo fọ́tò, títí kan èyí tó wà lókè pátápátá, èyí á sì tún fà sí i. Síbẹ̀, ojú-ewé tó yára tí kò sọ nǹkan kan kò lè borí èyí tó dáhùn ìbéèrè.

Ti líǹkì 500 yẹn, ẹ fi owó yín sápò. Ẹ ní kó dárúkọ mẹ́wàá nínú ibi tí yóò ti wá wọn. Bí ó bá jẹ́ tẹ́tẹ́ àti òògùn ni wọ́n ń kọ nípa rẹ̀ níbẹ̀, Google kì í sábà ka irú rẹ̀ sí, bó bá sì burú, wọ́n lè fìyà jẹ yín. Àwọn aránṣọ tó ń ra aṣọ yín, àbí kò sẹ́ni tó ní wẹ́ẹ̀bùsáìtì nínú wọn? Kí ẹnì kan kọ ibi tó ti ra aṣọ tó fi rán nǹkan, kó sì fi líǹkì sí i. Méjì irú ẹ̀ sàn ju 500 yẹn lọ.

Aláṣọ Ìtòkú
Mo padà dé. Ọmọ náà ti pín àwọn ojú-ewé, ó sì ṣí Search Console fún mi lẹ́yìn tí mo ti bẹ̀ ẹ́ títí. Lábẹ́ Queries, ìyẹn ohun tí àwọn èèyàn ń tẹ̀ sí Google tí mo fi ń jáde, "adire abeokuta" wà ní ipò 38. "Adire eleko 5 yards price" wà ní 12, ṣùgbọ́n àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ kò pọ̀. Èwo ni kí n dojú kọ?

Bọ̀dá Kóòdù
Èyí tó wà ní 12. Ẹnu ojú-ewé kejì ló wà, ó súnmọ́, owó sì ti wà lọ́wọ́ ẹni tó ń béèrè iye. Ẹ fi líǹkì láti ojú-ewé àkọ́kọ́ yín lọ sí ti ẹlẹ́kọ, kí ẹ sì kọ iye náà kedere. Àròpín ni ipò yẹn o, bí ó bá bọ́ sí 14 lọ́la, ẹ má jáyà. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Ọmọ Aké
Ẹ̀gbọ́n, tí a bá kọ ojú-ewé kan ní Yorùbá ńkọ́? Kò sẹ́ni tó ń bá wa du ìyẹn.

Bọ̀dá Kóòdù
N kò rí Yorùbá kankan nínú Queries tó kọ síbí, òǹrajà Èkó sì lè má fi í wá aṣọ.

Ọmọ Aké
Báwo ló ṣe máa wà níbẹ̀ nígbà tí kò sí ojú-ewé Yorùbá tí Google lè gbé jáde? Mà, ẹ jẹ́ kí n kọ ti oníko fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, ká wò ó.

Aláṣọ Ìtòkú
Kọ ọ́, ọmọ mi. Máa bọ̀ ní ìsọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, kí n fi bí wọ́n ṣe ń di ìko hàn ọ́.