Ọ̀kadà mi ń yí, àmọ́ kò jí: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Ìlá, Mansẹ́sítà
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀kadà 125 tí mo fi ń gbé oúnjẹ kiri nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, alákabúrétọ̀ ni, láti oṣù kọkànlá ló ti wà lábẹ́ tapólì lẹ́yìn ilé. Lánàá mo tẹ sítátà, ó ń yí kíríkírí kíríkírí, àmọ́ kò jí rárá. Mo ti ṣáàjì bátìrì o. Ẹnì kan ní iná ni, ẹnì kan ní epo ni, àbúrò mi ní ẹ́ńjìnnì ti kú. Ẹ gbà mí.

Alákadà Pẹ́kámù
Púlọ́ọ̀gì ni jàre. Ra tuntun, kó o lọ sinmi. Bí temi ṣe ṣe nìyẹn lọ́dún tó kọjá.

Bàbá Ṣọ́ọ̀bù, Húsítọ̀nù
Ẹ má tíì náwó. Mọ́kọ́lá ni mo ti kọ́ṣẹ́, ọ̀gá mi kì í jẹ́ ká ra nǹkan kan títí a ó fi wo ojú púlọ́ọ̀gì. Kọ́kọ́ wo súwíìsì pupa tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún, torí ẹni tó ń nu ọ̀kadà lè ti tẹ̀ ẹ́ láìmọ̀. Tẹ sítátà bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kó o wá tú púlọ́ọ̀gì lójú ẹsẹ̀. Tó bá tutù tó ń rùn epo, epo ń dé ibẹ̀, iná ni ká máa wá. Tó bá gbẹ, epo ni ò dé. Ìdí tí mo fi ń ti orí púlọ́ọ̀gì bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ó ń sọ ọ̀rọ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan.

Fi púlọ́ọ̀gì náà sínú fìlà ẹ̀ padà, jẹ́ kí ara irin ẹ̀ kan ẹ́ńjìnnì, àmọ́ kó jìnnà sí ihò tó o ti yọ ọ́, torí èéfín epo tó ń tú jáde níbẹ̀ lè gbaná mọ́ ẹ lójú. Má sì jẹ́ kó wà lófuurufú lásán, ìyẹn lè ba ẹ̀rọ tó ń pín iná jẹ́. Yí i nínú òkùnkùn. Iná aláwọ̀ búlúù tó ń ta pá-pá-pá la fẹ́, èyí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú ò lágbára.

Aṣọ Òkè, Lọ́ńdọ́ọ̀nù
Sùkútà tèmi náà o! Tí mo bá tẹ̀ ẹ́, tọ́ọ̀, tọ́ọ̀ ló ń ṣe, kì í yí. Ṣé kí n tú púlọ́ọ̀gì?

Bàbá Ṣọ́ọ̀bù, Húsítọ̀nù
Rárá o àǹtí, tiyín yàtọ̀. Tiwọn ń yí, tiyín ò yí. Ẹ wo bátìrì àti ẹnu wáyà ẹ̀.

Ọmọ Ìlá, Mansẹ́sítà
Ẹ ṣeun ẹ̀gbọ́n. Iná búlúù wà, ó ń ta dáadáa, àmọ́ púlọ́ọ̀gì gbẹ bí ẹ̀kọ tó sùn síta.

Alákadà Pẹ́kámù
Ẹ ò rí i? Kó ṣáà pààrọ̀ ẹ̀.

Bàbá Ṣọ́ọ̀bù, Húsítọ̀nù
Iná tó ta níta lè má ta tí afẹ́fẹ́ bá fún mọ́ ọn nínú, nítorí náà ọ̀rọ̀ yín ò jìnnà, àmọ́ gbígbẹ yẹn ti sọ ibi tó kàn. Ọmọ Ìlá, gbé ife sábẹ́ kabúrétọ̀, tú bóòtù kékeré tó wà nísàlẹ̀ ikùn ẹ̀. Tí epo ò bá jáde, àárín táǹkì sí ikùn kabúrétọ̀ ni dídí wà. Tó bá jáde tó ń ṣàn lọ láìdúró, táǹkì ò ní ẹ̀ṣẹ̀, ihò inú kabúrétọ̀ ló dí.

Ọmọ Ìlá, Mansẹ́sítà
Ó ń ṣàn o, àmọ́ ó pọ́n bíi tíì, ó sì ń rùn bí ọ̀dà. Epo E10 ni mo fi sílẹ̀ nínú ẹ̀. Mo tú u, ihò tó ń fún un lépo nígbà tó bá dúró jẹ́ẹ́, mo gbé e sí ojú fèrèsé, mi ò rí ìmọ́lẹ̀ kankan níbẹ̀.

Bàbá Ṣọ́ọ̀bù, Húsítọ̀nù
Wọ́n ti mú un! Rẹ ẹ́ sínú omi ìfọkabúrétọ̀ di àárọ̀, kó o wá fi ẹyọ kan nínú fọ́nrán wáyà bàbà tì í, má fi abẹ́rẹ́ o, yóò sọ ihò náà di ńlá. Da epo àtijọ́ nù.

Ọmọ Ìlá, Mansẹ́sítà
Ó jí!!! Kò tíì dúró jẹ́ẹ́ láìfa ṣóòkù, àmọ́ ó jí.

Bàbá Ṣọ́ọ̀bù, Húsítọ̀nù
Ihò náà ò tíì mọ́ tán. Tún un fọ̀.

Nọ́ọ̀sì Líìdì
Tọkọ mi ńkọ́? Iná wà, púlọ́ọ̀gì tutù, síbẹ̀ kò jí. A ti mú púlọ́ọ̀gì gbẹ, a ti pààrọ̀ ẹ̀. Wọ́n yá wa géèjì tó ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fún nínú ẹ́ńjìnnì, 85 psi ló kà.

Bàbá Ṣọ́ọ̀bù, Húsítọ̀nù
Ṣé ó fa tọ́rọ́tù tán nígbà tó ń yí i? Tí kò bá fà á, afẹ́fẹ́ ò wọlé tó, irọ́ ni géèjì ń pa. Tó bá fà á tí ó ṣì jẹ́ 85, fi ṣíbí tíì kan ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí ihò púlọ́ọ̀gì, kó tún un wọ̀n. Tó bá gòkè gan-an, ríǹgì písítínì ló ti jẹ. Tí kò bá gòkè, fáàfù ni ò dé ojú ẹ̀. Ìgbà míì kò ju pé àlàfo fáàfù ti fún jù lọ, ẹ wọ̀n ọ́n nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù.

Nọ́ọ̀sì Líìdì
Kò fà á o, ó ní kò sẹ́ni tó sọ fún òun. Alẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni mo wà báyìí, tó bá di Sátidé a máa tún un wọ̀n.