«Cher Monsieur»: ṣé ọ̀wọ́n ni àbí ọ̀wọ̀?

Àdùkẹ́: Ẹ̀yin àgbà, mo ń túmọ̀ ímeèlì ilé iṣẹ́ láti èdè Faransé. Ẹnìkan ti fi «Ọ̀gá ọ̀wọ́n» bẹ̀rẹ̀ gbogbo wọn, bí ẹni ń túmọ̀ «Cher Monsieur», àti ti Kùtọ̀nú, àti ti Pàrís, àti ti Mọnríà ní Kánádà. Ṣé ó tọ̀nà?

Àkàndé: Ọ̀wọ́n kẹ̀? Ọ̀wọ́n epo ni àbí ọ̀wọ́n gaàrí? Ẹni tí èèyàn fẹ́ràn là ń pè ní ọ̀wọ́n. Ní Pàrís, «Monsieur,» lásán ni wọ́n fi ń kí ẹni tí wọn ò mọ̀ rí. Bí wọ́n bá fẹ́ kó rọ̀ díẹ̀, «Bonjour Monsieur,». «Cher» ń bọ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti mọra. Èmi fúnra mi ti kọ «Cher Monsieur» sí oníbàárà kan tí n kò rí rí, nítorí pé bí mo ṣe ń kọ «Dear Sir» ní Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn. Èsì dé: «Monsieur,» lókè, «Cordialement» nísàlẹ̀. Kò bú mi o, ó kàn dá mi padà sẹ́nu ọ̀nà.

Ìyá Ìbejì, Pobẹ̀: Níbí ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ o, kọ «Monsieur» lásán sí ọ̀gá, kí lẹ́tà rẹ sùn sórí tábìlì. «Monsieur le Directeur,» ni, kí o sì ní «J'ai l'honneur de» kí o tó sọ ohun tó gbé ọ wá. Oyè yẹn gbọ́dọ̀ tún jáde nínú ìdágbére: «Veuillez agréer, Monsieur le Directeur,». Àwa nìkan la mọ ọ̀wọ̀ báyìí.

Àkàndé: Mà á, ẹ jọ̀ọ́, àwọn Faransé náà ń tún oyè pè bẹ́ẹ̀ nínú lẹ́tà orí bébà. Ímeèlì ni wọ́n ti gé e kúrú.

Délé, Mọnríà: Ẹ wo «courriel». Níbí ni wọ́n ti ṣẹ̀dá rẹ̀, ìjọba Faransé sì gbà á ní 2003. Kí ló dé tí a ṣì ń pè é ní ímeèlì?

Àkàndé: Ta ló bi ọ́?

Délé: Ó dáa. Ibi iṣẹ́ mi, ímeèlì kejì ni ọmọ tí mo lè bí ti ń pè mí ní «tu», ìyẹn «o» ti Faransé, pẹ̀lú orúkọ àbísọ mi. Kò sí ẹni tó kà á sí àfojúdi.

Ìyá Ìbejì: Orí burúkú! Bàbá mi tó ń bá ará ìlú kọ lẹ́tà kò jẹ́ kọ ọ́ láé.

Àdùkẹ́: Ti Kùtọ̀nú ti yé mi, mo máa kọ «Ọ̀gá àgbà». Ti Pàrís ńkọ́? Ṣé «Ẹni-ọ̀wọ̀»?

Ìyá Ìbejì: Àlùfáà ni oníbàárà yín ni?

Àkàndé: Kọ «Ẹ kú iṣẹ́, Ọ̀gá», kí o lo «ẹ» dé ìsàlẹ̀.

Àdùkẹ́: Ti Mọnríà tí wọ́n kọ «tu» sí ńkọ́? Ṣé kí n kọ «o»?

Délé: Bẹ́ẹ̀ ni. «O».

Ìyá Ìbejì: Kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀! «Ẹ» ni.