Ẹ jọ̀ọ́, ohun èlò orin wo ni kí n kọ́kọ́ rà? Owó ò pọ̀, tíṣà ò sì sí nítòsí

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Mo ti lé ní ogójì ọdún, mi ò lu nǹkankan rí láyé mi, àmọ́ mo fẹ́ràn orin kíkọ, ohun tó sì wù mí ni kí n máa lu nǹkan sí orin tí mo bá ń kọ fúnra mi nínú ilé. Kò sí ẹni tó ń kọ́ èèyàn lágbègbè tí mo wà, fóònù mi nìkan ni màá máa wò kọ́, owó ọwọ́ mi náà ò sì ju kí n ra ohun kan lọ, ìyẹn tí ò bá tiẹ̀ jẹ́ àlòkù. Àwọn kan ní kí n ra fèrè torí kò wọ́n, àwọn kan ní gìtá. Kí lẹ rí sí i?

Ìyá Ìbejì: Ẹ ra sakisofóònù fún un jàre, ọmọ mi náà fẹ́ ẹ nígbà tó wà ní pírámárì, ẹ̀dọ̀fóró àwọn ọmọdé ṣì lágbára dáadáa. Ọmọ ọdún mélòó ni tiyín?

Àbẹ̀kẹ́: Èmi fúnra mi ni mo fẹ́ kọ́ ọ o mà 😂 kì í ṣe ọmọ.

Ìyá Ìbejì: Haa, ẹ má bínú, mi ò kà á dé ìsàlẹ̀.

Alákíbọ́ọ̀dù: Kíbọ́ọ̀dù ni o, ẹ má wo ọ̀tún ẹ má wo òsì. Tẹ́ ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ ó ti dún, ohùn ẹ̀ kì í bọ́, kò sẹ́ni tó ń tún un tò. Kékeré yẹn tó ní kíì 37 ti tó fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ohun tó kéré jù lọ tẹ́ ẹ bá rí kẹ́ ẹ rà á.

Ẹ̀gbọ́n Àgbà: Àbúrò, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ fèrè kúrò níbẹ̀ ná, kì í ṣe pé kò dáa o, fèrè oníke tí wọ́n ń fẹ́ yẹn gan-an ohùn ẹ̀ máa ń tọ́, àmọ́ ẹnu kan náà lẹ máa fi fẹ́ ẹ tẹ́ ẹ fẹ́ fi kọrin, ẹ ò lè ṣe méjèèjì pọ̀. Fayolín náà ẹ gbé e sílẹ̀, kò sí irin kankan lọ́rùn ẹ̀ tó máa sọ ibi tí ìka máa wà, ẹni tí ò ní tíṣà lè máa tẹ ibi tí kò tọ́ fún oṣù gbọọrọ kó má mọ̀. Alákíbọ́ọ̀dù ò parọ́ pé ohùn kíbọ́ọ̀dù kì í bọ́, àmọ́ ti kíì 37 yẹn, púpọ̀ nínú wọn ni kíì wọn tín-ín-rín ju bó ṣe yẹ lọ, ọwọ́ á ti mọ́ àlàfo tí kò tọ́, bẹ́ ẹ bá sì tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ tàbí ẹ gbá a mọ́lẹ̀, bákan náà ló máa dún. Tó bá jẹ́ kíbọ́ọ̀dù, ẹ wá oníkíì 61 tí kíì ẹ̀ tóbi bó ṣe yẹ, tí ohùn ẹ̀ sì ń lọ sókè sódò bí ọwọ́ yín bá ṣe wúwo sí.

Èmi o, yukulélé, ohun èlò tó dà bíi gìtá kékeré yẹn, ni màá ní kẹ́ ẹ rà. Okùn mẹ́rin péré, náílọ́nù ni, kì í gé èèyàn níka bíi ti gìtá onírin. Kọ́ọ̀dù ni ohùn mélòó kan tó ń dún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kọ́ọ̀dù C, ìka kan ṣoṣo ni, ní irin kẹta lórí okùn A. Am náà ìka kan, ní irin kejì lórí okùn G. Ẹ má gbé ìka yẹn kúrò o, ẹ kàn fi ìkejì kún un ní irin kìíní lórí okùn E, ó ti di F nìyẹn. Ẹ fi G7 kún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun ló ń gba ìka mẹ́ta, ọ̀pọ̀ orin lẹ ti lè kọ sí i.

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ ṣeun gan-an ẹ̀gbọ́n. Ẹnìkan ní ọ̀kan tó fẹ́ tà, àlòkù ni, báwo ni màá ṣe mọ̀ pé kò tíì bàjẹ́? Mi ò tiẹ̀ mọ bó ṣe ń dún tó bá tọ́.

Ẹ̀gbọ́n Àgbà: Kò di dandan kí etí yín mọ̀ ọ́n, fóònù máa bá yín gbọ́ ọ. Ẹ gba áàpù tó ń sọ orúkọ ohùn sórí ẹ̀, ọ̀fẹ́ wà. Ẹ kọ́kọ́ béèrè irú tó jẹ́ o, torí èyí tó tóbi jù tí wọ́n ń pè ní báritóònù, D G B E ni wọ́n ń tò ó sí, tẹ́ ẹ bá wá ń tẹ̀ lé fídíò àwọn tó ń lo G C E A gbogbo ẹ̀ á dàrú mọ́ yín lójú. Sopuráánò ló kéré jù, kọ́ńsáàtì tóbi díẹ̀ sí i, èyí á rọrùn fún ìka àgbàlagbà.

Tẹ́ ẹ bá ti gbé e dání, ẹ tún okùn kọ̀ọ̀kan tò títí áàpù á fi kọ G, C, E, A, ọwọ́ ẹ̀ á sì dúró sáàárín. Lẹ́yìn náà ẹ wá irin kejìlá, ìdajì gígùn okùn ló wà gẹ́lẹ́. Ẹ tẹ okùn mọ́lẹ̀ lẹ́yìn irin yẹn, kì í ṣe lórí ẹ̀ o, kẹ́ ẹ wá ta á. Orúkọ kan náà ló gbọ́dọ̀ kọ. Tó bá yẹ̀ díẹ̀ kò burú, àmọ́ tó bá ti sá lọ sọ́tùn-ún gan-an, ohùn yẹn á máa ga jù nígbàkúùgbà tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lókè ọrùn, bó ti wù kẹ́ ẹ tò ó tó. Ẹ tún tẹ irin kẹta lórí okùn A, C ló yẹ kó kọ, torí ibẹ̀ lẹ máa wà jù.

Alákíbọ́ọ̀dù: Ẹ̀gbọ́n mo gbà fún yín lórí kíì kékeré. Ṣùgbọ́n ẹ ò sọ ti ohùn o. Tí ohùn àǹtí bá jìnlẹ̀ ńkọ́, tí orin náà sì ga jù fún wọn? Bọ́tìnnì kan wà lára kíbọ́ọ̀dù púpọ̀ tí wọ́n á kàn tẹ̀, gbogbo ẹ̀ á wálẹ̀, ọwọ́ wọn ò ní kúrò lójú kan.

Ẹ̀gbọ́n Àgbà: Ìyẹn òótọ́ ni, mi ò lè bá ọ jà lórí ẹ̀. Lórí yukulélé wọ́n á ní láti kọ́ kọ́ọ̀dù míì. Ohun tí mo kàn ń wò ni pé kíbọ́ọ̀dù gidi á gba owó jù, á sì gba àyè àti iná.

Alákíbọ́ọ̀dù: Èmi ṣì wà lórí kíbọ́ọ̀dù o 😄 wọ́n lè fowó pamọ́ díẹ̀ sí i.

Àbẹ̀kẹ́: Mo ti lọ wò ó o. Sopuráánò ni. Nígbà tí mo tẹ irin kejìlá, okùn G sá lọ sọ́tùn-ún gan-an, àwọn mẹ́ta tó kù dúró dáadáa. Tó bá tún ṣe díẹ̀, G yẹn á sì tún rẹlẹ̀ fúnra ẹ̀. Ṣé igi ẹ̀ ló ti tẹ̀ ni?

Ẹ̀gbọ́n Àgbà: Tó bá jẹ́ igi ni, tàbí ibi tí okùn jókòó lé, kì í sábà jẹ́ okùn kan ṣoṣo ló máa sá. Ọ̀kan ṣoṣo tó ń sá yẹn, okùn ẹ̀ ni mo fura sí, ó ti gbó tàbí kò dọ́gba mọ́. Ti pé ó ń rẹlẹ̀, ẹ wo ẹ̀yìn ohun tẹ́ ẹ fi ń yí okùn yẹn, tí ìdè kékeré bá wà níbẹ̀ ẹ fi túnnafíìsì fún un díẹ̀, ó ń yọ̀ ni. Ẹ ra okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tuntun sí i, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ẹni yẹn yọ owó okùn kúrò nínú owó tó pè. Àmọ́ okùn tuntun máa ń fà fún bí ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá gbé e lá ti bọ́, ẹ má wá sọ pé mo ní kẹ́ ẹ ra ohun tó bàjẹ́ o.