Níbo ló yẹ kí sítọ́ọ̀pù wà lórí ṣáàtì Réńkò?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ilé o. Lórí Réńkò mi, ṣáàtì tó ń fi bíríkì ya ìrìn iye ọjà, bíríkì kọ̀ọ̀kan dúró fún ìrìn 10. Bíríkì òkè tó gbẹ̀yìn parí sí 130, mo rà níbẹ̀, mo sì fi sítọ́ọ̀pù, àṣẹ tó ń bá mi tà bí ọjà bá já, sí 118, nítorí pé 120 ni ìsàlẹ̀ bíríkì náà. Ọjà kan sítọ́ọ̀pù mi, síbẹ̀ kò sí bíríkì ìsàlẹ̀ kankan lórí ṣáàtì. Ṣé íńtánẹ́ẹ̀tì mi ló ń fà ni?

Bọ̀dá Káyọ̀dé: Ó ṣeé ṣe. Bí ọjà bá ti fi 10 wálẹ̀, bíríkì ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde.

Bàbá Ọlá: Rárá o, Káyọ̀dé. 10 tó bí ọjà bá ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ, nítorí náà 140 ni bíríkì òkè tó kàn. Ṣùgbọ́n kí ó tó yí padà, ó gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ la gbogbo bíríkì tó gbẹ̀yìn kọjá, kí ó sì tún rin odidi bíríkì kan sí i, èyí tó gbé e dé 110. Ìyá Ìbejì, ọjà lè gun dé 139, kí ó já sí 111, kí ó sì padà sókè, láìjẹ́ pé ṣáàtì yín mira rárá. Ṣáàtì ló yọ ariwo yẹn kúrò. Àkáǹtì yín ṣì ń gbọ́ ọ.

Bí ẹ bá fẹ́ kí sítọ́ọ̀pù bá ìyípadà Réńkò mu, ẹ fi sí abẹ́ 110, bí àpẹẹrẹ 108, ṣùgbọ́n ẹ dín iye tí ẹ ń rà kù. Ẹni tí kò fẹ́ pàdánù ju 264 lọ lè ra 22 nígbà tí sítọ́ọ̀pù wà ní 118. Ní 108, 12 péré ni.

Àǹtí Bísí: Èmi X àti O ni mò ń kọ, X bí ọjà bá ń gòkè, O bí ó bá ń wálẹ̀; àpótí kọ̀ọ̀kan jẹ́ 10, ọjà sì gbọ́dọ̀ yí padà tó àpótí mẹ́ta kí n tó bọ́ sí òpó tuntun. Lọ́jọ́ kan ọjà gun dé 140, ó sì tún wálẹ̀ dé 100, síbẹ̀ X nìkan ni ṣáàtì mi kọ.

Bàbá Ọlá: Òfin rẹ̀ nìyẹn, bí ẹ bá ń lo iye tó ga jù àti èyí tó kéré jù lóòjọ́. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá wà nínú òpó X, òkè ni a kọ́kọ́ ń wò. Bí X tuntun bá ti wọlé, a kò wo ìsàlẹ̀ ọjọ́ náà mọ́.

Bọ̀dá Káyọ̀dé: ATR, ìṣirò bí ọjà ṣe ń mì sí ní ìpíndọ́gba, ló ń yan ìwọ̀n bíríkì fún èmi, ṣùgbọ́n àwọn bíríkì àná ti yàtọ̀ lónìí.

Bàbá Ọlá: Bí ATR bá ti yí padà, ó lè tún gbogbo ṣáàtì yà láti ẹ̀yìn wá. Ẹ má fi irú ṣáàtì bẹ́ẹ̀ dán ọgbọ́n òwò wò. Iye tó dúró sójú kan ni kí ẹ lò.

Àǹtí Bísí: Èmi kò fara mọ́ èyí pátápátá, Bàbá Ọlá. Bí ọjà bá di ìlọ́po méjì, bíríkì 10 ti kéré jù fún un. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún iye ọjà ni mo fi ń wọn àpótí tèmi.

Ìyá Ìbejì: Mo ti ṣí ṣáàtì kándù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: 116 ni ọjà wálẹ̀ dé kí ó tó padà sókè.