Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: lẹ́tà tí mo fẹ́ kọ sí àwọn tó ń gbé sọ́fítíwìà ìṣirò kalẹ̀ fún wa

Olùdarí Ìnáwó Ọ̀tà (ẹni tó béèrè):
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Èmi ni olùdarí ìnáwó ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ike àti ọ̀rá ní Ọ̀tà. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mi ò ti sùn dáadáa. Ọdún tó kọjá la gbé iṣẹ́ sọ́fítíwìà ìṣirò tuntun fún àwọn agbaṣẹ́ kan ní Èkó. Oṣù Keje ni wọ́n ní a máa bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Oṣù Keje kọjá, wọ́n ní ó di oṣù Kẹsàn-án. Oṣù Kẹsàn-án dé, wọ́n ní ká fara dà á di oṣù Kọkànlá. A ti ń lò ó báyìí, ṣùgbọ́n àbùkù ló kún inú rẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń ṣe olórí iṣẹ́ náà níbi tiwọn kì í gbé fóònù mi mọ́. Ìgbà tó wá kẹ́yìn, ó béèrè omi tútù, ó béèrè wáìfáì, ó jókòó wákàtí méjì, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ohun tó dùn mí jù ni ti ẹnjiníà tó ń gbà wá nímọ̀ràn lórí ẹ̀rọ. Lọ́jọ́ Ẹtì ó wọ ọ́fíìsì mi, ó ju ìwé owó sórí tábìlì lójú àwọn ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ mi, ó ní mo ń yọ owó òun jẹ. Èmi tí mo ti ń ṣe ìṣirò fún ọdún 22!

Mo ti kọ lẹ́tà sílẹ̀ fún àwọn agbaṣẹ́ náà. Apá kan rẹ̀ nìyí: “Ìwà yín kò bójú mu rárá. Ẹ ti sọ wá di ẹlẹ́yà lójú àwọn oníbàárà wa. Ẹ kò mọ iṣẹ́. Bí ẹ kò bá tún gbogbo rẹ̀ ṣe kíákíá, ẹ máa rí ohun tí ojú yín kò rí rí.” Ṣé ó le tó? Ṣé kí n fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tó ni sọ́fítíwìà náà gan-an?

Ìyá Ìbejì:
Ẹ pẹ̀lẹ́, màá. Alábàáṣepọ̀ tí kò bá ti gbé fóònù mọ́, ọkàn rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́, kí ẹ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fún ẹni tí a jọ ń ta aṣọ.

Olùdarí Ìnáwó Ọ̀tà:
Ẹ ṣé, màá, ṣùgbọ́n a kì í jọ ṣe ilé-iṣẹ́. Agbaṣẹ́ ni wọ́n, a gbé iṣẹ́ fún wọn ni.

Ọmọ Ọlọ́jà Ìbàdàn:
Ẹ má san kọ́bọ̀ mọ́! Owó ni èdè tó yé wọn. Ilé-ìwé wa náà gbé irú iṣẹ́ báyìí jáde, sọ́fítíwìà tí a fi ń gba owó ilé-ìwé. Ọmọ tó ti sanwó, ó máa ní kò san. Ọmọ tí kò san, ó máa tẹ rìsíìtì fún un. Nígbà tí a ti owó tó kù mọ́lẹ̀, ọjọ́ kẹta ni wọ́n wá. Ẹ ti owó mọ́lẹ̀, ẹ ó rí wọn.

Agbaṣẹ́ Kọ̀ǹpútà:
Irú iṣẹ́ yìí ni mò ń ṣe, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ ọlọ́jà ní òótọ́ díẹ̀ nínú, kò sì pé. Nínú ọ̀pọ̀ àdéhùn wa, bí oníbàárà bá kọ̀ láti san owó tí kò sí àríyànjiyàn lórí rẹ̀, a lẹ́tọ̀ọ́ láti dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Owó ìpele iṣẹ́ tí ẹ kò tíì tẹ́wọ́ gbà ni kí ẹ dá dúró, kí ẹ sì kọ ìdí rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ má ti gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Màá, ẹ dárí jì mí, lẹ́tà yín kò le rárá. Ó gbóná, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí mo máa dáhùn nínú rẹ̀. Tí wọ́n bá gbé e wá síwájú mi, màá kọ “a gba lẹ́tà yín, a ó gbé e yẹ̀ wò”, ó tán. Kí ni àbùkù náà gan-an? Kí ló fà á tí ẹnjiníà fi ju ìwé? Mélòó ló kù lọ́wọ́ yín nínú owó iṣẹ́?

Olùdarí Ìnáwó Ọ̀tà:
Gbogbo iṣẹ́ jẹ́ ₦48,000,000. A ti san ₦33,600,000. Ó ku ₦14,400,000.

Ti ẹnjiníà: owó iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ₦2,000,000. Fáàtì 7.5% lórí rẹ̀ jẹ́ ₦150,000, àpapọ̀ ₦2,150,000. Owó-orí àyọsílẹ̀ lórí irú iṣẹ́ rẹ̀ láti ọdún 2025 jẹ́ 5%, lórí owó iṣẹ́ nìkan, ìyẹn ₦100,000. Ó yẹ kí ọwọ́ rẹ̀ tẹ ₦2,050,000. Sọ́fítíwìà yìí yọ 5% lórí ₦2,150,000, ó yọ ₦107,500. Ohun tí a san fún un jẹ́ ₦2,042,500. Ẹgbẹ̀rún méje àtààbọ̀ tí ó ní mo jẹ nìyẹn. Mo ti sọ fún àwọn agbaṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀mẹrin. Wọ́n ní òfin ló yí padà nígbà tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, pé iṣẹ́ tuntun ni, a máa san owó míì.

Agbaṣẹ́ Kọ̀ǹpútà:
Háà. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Ohun méjì ni wọ́n dà pọ̀ mọ́ ara wọn. Iye tí a ń yọ, bóyá 10% tàbí 5%, ìyẹn lè jẹ́ ìyípadà òfin lóòótọ́. Ṣùgbọ́n orí owó wo la ti ń yọ ọ́, ìyẹn kò yí padà. Ṣáájú fáàtì ni a ti ń yọ ọ́ kí òfin tuntun tó dé. Nínú ètò, ojú ibi tí a ti ń yan owó ìpìlẹ̀ ni wọ́n yàn sí àpapọ̀ dípò owó ṣáájú owó-orí. Láti yí i, iṣẹ́ rẹ̀ kò tó ọjọ́ kan. Ohun tó máa gba àsìkò ni títún àwọn ìsanwó tó ti kọjá ṣe, ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí ìyípadà yẹn kì í padà sẹ́yìn.

Ẹ wo ìwé ohun-tí-a-fẹ́ tí ẹ fọwọ́ sí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ibẹ̀ bá sọ pé “ṣáájú fáàtì”, àbùkù ni, ọ̀fẹ́ ni wọ́n máa tún un ṣe. Bí ìwé náà bá dákẹ́, wọ́n á bá yín jiyàn.

Olùdarí Ìnáwó Ọ̀tà:
Ó wà níbẹ̀! Ojú ìwé 31. Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́.

Àǹtí Ọ̀dítọ̀:
Lẹ́tà yín ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ fi ìwé owó ẹnjiníà yẹn ṣe àpẹẹrẹ inú lẹ́tà, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe kọ ọ́ síbí. Ohun tó yẹ kó jáde, ohun tó jáde, ojú ìwé 31, ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ sọ fún wọn àti nọ́ńbà tí wọ́n fi gba ẹ̀sùn náà. Kò sẹ́ni tó máa lè fi “ẹ kò mọ iṣẹ́” ṣe ẹ̀rí, ṣùgbọ́n ₦7,500 kò ṣeé jiyàn.

Kí ẹ tún ka gbogbo ìsanwó tí ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀. Owó tí ẹ yọ jù yẹn, ṣé ẹ ti san án fún ìjọba? Bí ẹ bá ti san án, iṣẹ́ míì tún nìyẹn.

Ọmọ Ọlọ́jà Ìbàdàn:
Gbogbo ìwé yìí, ẹ ń fi àkókò ṣòfò ni. Ẹ gbé orúkọ wọn sórí fésìbúùkù, ẹ ó rí bí wọ́n á ṣe sáré wá.

Lọ́yà Abẹ́òkúta:
Ẹ má ṣe é o. Ọjọ́ tí ẹ bá gbé e síta ni ẹ̀yin náà di ẹni tí wọ́n lè pè lẹ́jọ́. Màá, ọ̀rọ̀ tèmi kò pọ̀. Ẹ wá ibi tí àdéhùn yín ti sọ̀rọ̀ nípa bí a ṣe ń fi ìwé ránṣẹ́. Ó máa dárúkọ ipò ẹni tí a kọ ọ́ sí àti àdírẹ́sì, ó sì lè sọ pé ímeèlì nìkan kò tó. Ẹ gbé e lọ sí ibi tí ìwé dárúkọ, kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà yín. Àkíyèsí tó bá gba ọ̀nà tí kò yẹ lọ, wọ́n lè sọ pé wọn kò rí i gbà. Kí ẹ sì wo iye ọjọ́ tí àdéhùn fún wọn láti tún àṣìṣe ṣe. Ọjọ́ yẹn ni kí ẹ kọ, kì í ṣe “kíákíá”.

Ìbéèrè kan: ṣé ẹ fọwọ́ sí ìwé pé ẹ ti gba iṣẹ́?

Ìyá Ìbejì:
Ẹ fi àdúrà kún un o. Ọkọ mi náà ní irú ìṣòro yìí pẹ̀lú àwọn tó kọ́lé fún wa.

Olùdarí Ìnáwó Ọ̀tà:
Mo ti wo ti àdírẹ́sì, 30 ọjọ́ ni wọ́n fún wọn láti tún un ṣe. Ẹ ṣé gan-an, Lọ́yà.

Àǹtí Ọ̀dítọ̀:
Màá, ẹ kò dáhùn ìbéèrè Lọ́yà.

Olùdarí Ìnáwó Ọ̀tà:
Mo fọwọ́ sí i. Ọjọ́ Ẹtì ni, aago méje alẹ́ ti kọjá. Ọ̀gá wa àgbà ti sọ fún ìgbìmọ̀ olùdarí pé a máa bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì mi. Kí ni kí n ṣe? Kí n ní rárá lójú rẹ̀?

Ọmọ Ọlọ́jà Ìbàdàn:
Ẹ fọwọ́ sí i! Kí wá lẹ ń bínú sí?

Agbaṣẹ́ Kọ̀ǹpútà:
Ẹ má bá màá wí, ó ń ṣẹlẹ̀ níbi gbogbo. Àwa náà ń fẹ́ kó ṣẹlẹ̀, mi ò ní purọ́ fún yín. Màá, ẹ mú ìwé náà jáde. Ṣé ó sọ pé ẹ gbà á láìsí ohunkóhun, àbí ó so àkójọ àbùkù mọ́ ọn?

Olùdarí Ìnáwó Ọ̀tà:
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá a rí ni. Ojú ìwé kejì wà tí mi ò rántí. “A gbà á, àyàfi àwọn àbùkù 14 tó wà nínú àkójọ yìí, tí agbaṣẹ́ máa parí láàárín 45 ọjọ́.” Ti owó-orí jẹ́ nọ́ńbà 3. Ti ọjà tí oníbàárà dá padà jẹ́ nọ́ńbà 8: ọjà náà máa ń wọ ilé ìkẹ́rùsí pẹ̀lú iye òdo, nítorí náà ilé ìkẹ́rùsí àti lẹ́jà kì í bá ara wọn mu. Nínú 14 yẹn, 9 ló ṣì wà bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 45 ti kọjá.

Lọ́yà Abẹ́òkúta:
Ìwé tí ẹ rò pé ó máa pa yín ni yóò gbà yín. Àwọn náà fọwọ́ sí i. Ẹ má sọ nínú lẹ́tà pé wọn kò ṣe iṣẹ́, ẹ sọ pé wọ́n ṣe ìlérí 14, wọ́n mú 5 ṣẹ.

Agbaṣẹ́ Kọ̀ǹpútà:
Ohun tó kù ni ti ọjọ́ tó yẹ̀ láti oṣù Keje. Wọ́n máa béèrè: ìgbà wo lẹ fún wọn ní iye ọjà tó wà nílẹ̀ ní àwọn ilé ìkẹ́rùsí yín?

Olùdarí Ìnáwó Ọ̀tà:
Ti Ọ̀tà àti Ìbàdàn bọ́ sákòókò. Ti Iléṣà pẹ́ ọ̀sẹ̀ márùn-ún, akọ̀wé ibẹ̀ ń ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi pẹ́!

Agbaṣẹ́ Kọ̀ǹpútà:
Nígbà náà, ẹ fẹnu ara yín sọ ọ̀sẹ̀ márùn-ún náà nínú lẹ́tà, kí ẹ béèrè nípa ìyókù. Bí ẹ bá fi í pamọ́, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ dáhùn, gbogbo ìyókù á sì dà bí irọ́.

Lọ́yà Abẹ́òkúta:
Èmi kò fara mọ́ ìyẹn. A kì í fi ọwọ́ ara ẹni kọ ẹ̀bi ara ẹni sínú ìwé àkíyèsí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mú un wá. Lórí àwọn àbùkù 9 ni kí lẹ́tà yìí dá lé. Ti ọjọ́ tó yẹ̀, ẹ kọ pé ẹ kò tíì fi ẹ̀tọ́ yín sílẹ̀ lórí rẹ̀.

Àǹtí Ọ̀dítọ̀:
Agbaṣẹ́ ni mo gbè lẹ́yìn. Tó bá dé ọ̀dọ̀ alárinà, ẹni tó kọ́kọ́ sọ òótọ́ ni wọ́n máa ń gbà gbọ́.

Olùdarí Ìnáwó Ọ̀tà:
Mo ti ya ti tẹ́lẹ̀ dànù. Bí tuntun ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí: “Nínú ìwé ìgbàṣẹ́ tí a jọ fọwọ́ sí, ẹ ṣe ìlérí láti parí àbùkù 14 láàárín 45 ọjọ́. Títí di òní, nọ́ńbà 3, 8 àti méje míì tó wà nínú àkójọ tí a so mọ́ lẹ́tà yìí kò tíì parí. A ń fún yín ní 30 ọjọ́ tí àdéhùn sọ. Owó ìpele tó kẹ́yìn yóò dúró títí wọn yóò fi parí; owó tí kò sí àríyànjiyàn lórí rẹ̀ yóò tẹ̀ yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ rẹ̀.”

Ti Iléṣà, mi ò tíì mọ èyí tí màá ṣe. Mo máa fi han ọ̀gá wa àgbà lọ́la, nítorí òun náà máa fọwọ́ sí i lọ́tẹ̀ yìí. Mo ti san ₦7,500 ẹnjiníà padà fún un, mo sì pè é lórí fóònù láti tọrọ àforíjì.