"Iye ìṣàkóso" ni àbí "iye ẹlẹ́rìí"?

Olùbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Nígbàkigbà tí dáṣíbọ́ọ̀dù bá gba dátà tuntun, a máa ń fi àpapọ̀ rẹ̀ wé èyí tí orísun fúnra rẹ̀ kà. Kí ni ká pe iye ti orísun yẹn, kí sì ni ká pe iṣẹ́ náà? Mo kọ "iye ìṣàkóso" àti "ìlàjà", ọkàn mi ò balẹ̀.

Ògbufọ̀: "Ìlàjà" dáa. Iye méjì ò bára mu, a parí ìjà wọn. "Iye ìṣàkóso" ló kù díẹ̀ káàtó. Èèyàn á rò pé iye tí ọ̀gá pàṣẹ pé ká tà ni.

Onídátà: Ẹ má jẹ́ ká làjà, ẹ jọ̀ọ́. Onílàjà máa ń bẹ tọ̀tún tòsì, orísun kì í sì í gbẹ̀bẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, orísun wa ka títà 1,200, owó rẹ̀ jẹ́ 480,000. Dáṣíbọ́ọ̀dù ní 1,203 àti 481,500. Títà 3 ló lé, 1,500 lowó wọn. Mo wá èyí tó jáde lẹ́ẹ̀mejì: oníbàárà kan ló ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n sì ti kọ orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sínú tábìlì oníbàárà. Nígbà tí a so tábìlì yẹn pọ̀ mọ́ tábìlì títà, títà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan di méjì. Ìtọpinpin nìyẹn.

"Iye ẹlẹ́rìí" lèmi ń lò, torí ẹni tí kò sí níbẹ̀ ò lè jẹ́rìí. Àsìkò tí a ń kó dátà gan-an ló yẹ ká ti kà á. Bí a bá dúró dẹ̀yìn, títà tuntun á ti wọlé, iye á yàtọ̀ láìsí àṣìṣe. Wọ́n á ní "ìyàtọ̀ kékeré ni", ibẹ̀ ni àṣìṣe gidi á ti rí ibi sá sí.

Olùkọ́: Ó jọ ti bébà ìdánwò wa. Mo ka 60 ní gbọ̀ngàn, mo ka 60 nílé, síbẹ̀ ti akẹ́kọ̀ọ́ kan ò sí níbẹ̀: ẹ̀dà ti ẹlòmíì ló wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Onídátà: Ẹ ṣeun, mà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bi orísun léèrè nǹkan mẹ́ta:

```sql
SELECT COUNT(*), SUM(amount), SUM(id)
FROM sales;
```

Àpapọ̀ `id`, ìyẹn nọ́ńbà títà kọ̀ọ̀kan, ò ní ìtumọ̀ kankan fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí títà kan bá bọ́, tí òmíràn tí owó wọn dọ́gba sì di méjì, òun ló máa tú u fó.

Ògbufọ̀: Mo gba ẹlẹ́rìí. Àmọ́ lọ́jọ́ tí gbogbo rẹ̀ bá bára mu, kí lẹ tọpinpin? "Ìfiwéra" ni kẹ́ ẹ pè é.

Onídátà: Ìfiwéra ò sọ pé mo wá ibi tí ìyàtọ̀ ti wá.

Olùbéèrè: "Iye ẹlẹ́rìí" ni màá kọ, ìkejì ṣì dọwọ́ yín. Ṣùgbọ́n orísun tèmi ń ka títà tí a ti fagi lé mọ́ ọn, dáṣíbọ́ọ̀dù ò kà á. Ṣé ẹlẹ́rìí èké nìyẹn?

Onídátà: Rárá o. Ohun tẹ́ ẹ bi í ló dáhùn. Ẹ ní kó yọ èyí tí a fagi lé, kẹ́ ẹ tó tún un kà.